ANA 1:160 lára ẹni tí ara rẹ̀ le

Ìlà mẹ́ta péré ló máa ń wà nínú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní ANA, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta náà ti gba oorun lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Bó ṣe máa ń jáde láti láàbù nìyí:

```
ANA (IIF, HEp-2): POSITIVE
Titre: 1:160
Pattern: Nuclear fine speckled (AC-4)
```

Ẹni tó gba ìwé náà á tẹ ìlà àkọ́kọ́ sórí fóònù. Orúkọ tó máa kọ́kọ́ yọ sí i ni lúpọ́ọ̀sì, àìsàn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà, tó lè mú awọ ara, oríkèé, ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín. Àtìgbà yẹn ni ẹ̀rù á ti wọlé. Bí orúnkún bá ro ó, á ní òun náà ni. Bí irun bá já sínú ìyarun, á ní ó ti dé. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nínú ìlà mẹ́ta yẹn, èyí tí gbogbo èèyàn ń kà ni kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan. Ìlà kejì àti ìkẹta ló ń sọ̀rọ̀, ara ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ló sì ń parí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì láàbù, torí bí a kò bá mọ bí wọ́n ṣe rí nọ́ńbà yẹn, a ò ní mọ ìgbà tó yẹ ká bẹ̀rù rẹ̀.

Áńtíbọ́dì ni àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ara ń ṣe láti fi di àlejò mú: kòkòrò ibà, kòkòrò ikọ́ ife, fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe láti gbá mú. Àwọn tí à ń pè ní ANA jẹ́ ọmọ ogun tí ọwọ́ wọn gba ohun tó wà nínú kókó sẹ́ẹ̀lì wa fúnra wa, ìyẹn àárín sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA àti àwọn purotéènì tó ń tọ́jú rẹ̀ wà. Láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ní wọn, láàbù á mú dígí pẹlẹbẹ kan tó ní ojú kéékèèké bíi mẹ́wàá lára. Lórí ojú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti lẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì èèyàn mọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní HEp-2. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń sìn ní láàbù ni. Wọ́n yàn án nítorí pé kókó rẹ̀ tóbi, ó hàn kedere, àwọn kan sì máa ń wà lára wọn tó ń pín ara wọn sí méjì lọ́wọ́. Ẹ fi èyí tó ń pín yẹn sọ́kàn, iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á bu omi là ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa gan-an, omi pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tó lé sókè nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì ni. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 1:80, wọ́n á fa máíkírólítà 10 nínú rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ máíkírólítà 790 omi oníyọ̀. Ìdá kan ẹ̀jẹ̀ nínú ọgọ́rin nìyẹn. Wọ́n á tún bu díẹ̀ nínú àpòpọ̀ yìí, wọ́n á fi omi tó pọ̀ tó o kún un, ó di 1:160. Wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó di 1:320, lẹ́yìn náà 1:640, títí lọ. Ìpele kọ̀ọ̀kan fúyẹ́ ní ìlàjì ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Wọ́n á kán ìpele kọ̀ọ̀kan sójú tirẹ̀ lórí dígí, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí áńtíbọ́dì tó mọ kókó sẹ́ẹ̀lì bá wà níbẹ̀, yóò ti lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á ṣan dígí náà kí gbogbo èyí tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan lè bá omi lọ. Wọ́n á wá kán áńtíbọ́dì kejì sí i, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di áńtíbọ́dì èèyàn mú, tí wọ́n sì ti so àwọ̀ kan tó ń tàn mọ́ lára. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn nínú òkùnkùn, wọ́n á tún ṣàn án, ó di abẹ́ máíkírósíkóòpù. Níbi tí áńtíbọ́dì bá lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ á máa tàn bí ewé tí òòrùn ta sí. Níbi tí kò bá sí nǹkan, ibẹ̀ á ṣókùnkùn.

Ìpele ìkẹyìn tí ẹni tó ń wò ó ti ṣì rí ìtànná yìí ni táítà. Nítorí náà, 1:160 túmọ̀ sí pé nígbà tí wọ́n bu omi là á dé ìdá ọgọ́jọ, ó ṣì tàn. Nígbà tí wọ́n là á dé 1:320, ó kú. Kì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ìwọ̀n àìsàn, kì í sì í ṣe iye áńtíbọ́dì tí wọ́n kà ní oókan-oókan. Bí ohùn ṣe rinlẹ̀ tó ni, kì í ṣe ohun tí ohùn náà ń wí.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé ojú èèyàn ló ń parí iṣẹ́ yìí ní ọ̀pọ̀ láàbù. Ìtànná tó fẹ́ kú lójú ẹnì kan lè ṣì wà láàyè lójú ẹlòmíràn. Iná máíkírósíkóòpù tó ti gbó, dígí tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe, áńtíbọ́dì kejì tó le ju ti àná lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè sún èsì sókè tàbí sílẹ̀ ní ìpele kan. Ẹni tó gba 1:160 ní oṣù kẹta, tó gba 1:320 ní oṣù kẹsàn-án ní láàbù mìíràn, ara rẹ̀ kò burú sí i. Ìyàtọ̀ ìpele kan ni, inú àṣìṣe tí àyẹ̀wò náà gbà láàyè ló sì wà. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà náà dà bí ìlọ́po méjì lójú, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n bù là á ló di ìlọ́po méjì.

Ìbéèrè tó kù ni pé, èèyàn mélòó tí ara wọn le ló máa ń tàn? Ní 1997, láàbù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi pawọ́ pọ̀ wò ó, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò ní àìsàn kankan wò. Nígbà tí wọ́n bu omi là á dé 1:40, 31.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló tàn. Èyí fẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́ta. Ní 1:80, ó di 13.3. Ní 1:160, ó di 5, ẹnì kan nínú ogún nìyẹn. Ní 1:320 pàápàá, 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ara wọn le ṣì ń tàn. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, tí wọ́n kó jọ láàárín 1999 àti 2004 láti ara àwọn ará ìlú tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ló ní ANA, 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin. Kì í ṣe ilé ìwòsàn ni wọ́n ti kó wọn. Èèyàn lásán ni wọ́n, tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan wò ó. Ká sọ pé a kó ẹgbẹ̀rún obìnrin jọ lójú ọjà, tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ní lúpọ́ọ̀sì. A fi ANA yẹ gbogbo wọn wò ní 1:80. Ẹni tó ní lúpọ́ọ̀sì yóò tàn, torí pé nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní àìsàn náà ló máa ń tàn ní ìpele yìí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 999 tó kù, bí i 133 náà ni yóò tàn. Èèyàn 134 ni yóò mú ìwé “POSITIVE” lọ sílé, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ní àìsàn. Àyẹ̀wò náà kò bàjẹ́. Ọjà ni kò yẹ ká gbé e lọ.

Ẹ gbé àyẹ̀wò kan náà lọ sí ilé ìwòsàn tí dókítà oríkèé ti ń rí ẹgbẹ̀rún èèyàn tí ìka wọn wú, tí ojú wọn bó, tí ìtọ̀ wọn ń hó. Ká sọ pé igba nínú wọn ló ní lúpọ́ọ̀sì lóòótọ́. Nínú igba yìí, 196 yóò tàn. Nínú ẹgbẹ̀rin tó kù, bí a bá lo ìwọ̀n àwọn tí ara wọn le, 106 yóò tàn. Nísinsìnyí, nínú àwọn 302 tó gba “POSITIVE”, nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìsàn náà. Dígí kan náà, omi kan náà, ìlà kan náà lórí ìwé, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà pátápátá nítorí àmì tó wà lára kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà fi kìlọ̀ ní 2013 pé kí wọ́n má ṣe máa bèèrè àwọn àyẹ̀wò kéékèèké tó wà lábẹ́ ANA bí ANA kò bá tàn, tàbí tí kò bá sí àmì àìsàn lára. Èmi á tún fi kún un pé ANA fúnra rẹ̀ kò yẹ nínú àwọn àyẹ̀wò ara tí èèyàn ń sanwó fún lápapọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ẹni ń yẹ ṣúgà wò.

Kí ló dé tí ara tó le fi ń ṣe ọmọ ogun tó ń kọjú sí ilé ara rẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì wa ń kú lójoojúmọ́, iye wọn kò ṣeé kà. Bí ọ̀kan bá kú, ohun tó wà nínú kókó rẹ̀ á tú síta díẹ̀ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ tó gbá a mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe áńtíbọ́dì náà ń rí èèpá yìí. Lóòótọ́, ara ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń mú àwọn ọlọ́tẹ̀ kúrò nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í mú gbogbo wọn. Àwọn kan á kù tí ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ le: wọ́n á di kókó mú, wọ́n á tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Irú wọn pọ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le, wọn kì í sì í ba nǹkan kan jẹ́. Wọ́n tún máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí bá ń lọ, wọ́n pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, wọ́n sì pọ̀ lára ọmọ ìyá ẹni tó ní lúpọ́ọ̀sì, kódà tí ara ọmọ ìyá náà le.

Àìsàn mìíràn sì lè ta wọ́n jí. Ibà, ikọ́ ife, àrùn mẹ́dọ̀wú tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, HIV: nígbà tí ogun bá ń lọ, ara á fọn fèrè pe gbogbo ọmọ ogun síta, tàwọn tí a kò pè náà á jáde. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé wa. Ní 1968, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Brian Greenwood, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ̀wé pé àwọn àìsàn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláìsàn tí wọ́n ń rí ní Nàìjíríà, ó sì rò pé àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ara wa, ibà pàápàá, lè wà lára ohun tó fà á. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òun àti àwọn méjì mìíràn tún tẹ ìwé jáde lórí áńtíbọ́dì kókó sẹ́ẹ̀lì tó ń tàn ní àmì kéékèèké nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà. Mo fẹ́ kí ẹ wo méjèèjì pa pọ̀: áńtíbọ́dì wà, àìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí sọ pé lúpọ́ọ̀sì kì í ṣe àìsàn tiwa o. Ní Amẹ́ríkà àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ́pọ̀ lára obìnrin aláwọ̀ dúdú ju lára aláwọ̀ funfun lọ, ó sì máa ń le mọ́ kíndìnrín wọn.

Oògùn náà wà níbẹ̀. Haidirálásíìnì tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, métíldópà tí àwọn aboyún ń lò fún nǹkan kan náà, aisoniásídì tí wọ́n ń fún ẹni tó ní ikọ́ ife: ẹni tó bá ń lò wọ́n fún oṣù púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ṣàìsàn rárá. Nítorí náà, kí a tó túmọ̀ ANA, ó yẹ ká tú àpò oògùn wò. Kí a tún bi í léèrè nípa gẹ̀gẹ̀ àti àìsàn tairọ́ìdì, torí pé ANA máa ń bá àwọn tó ní irú rẹ̀ rìn.

Ó wá kan ìlà kẹta, èyí tó wù mí jù. Nígbà tí dígí bá wà lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kì í ṣe pé ó tàn tàbí kò tàn nìkan ni à ń wò. Bó ṣe tàn ló ń sọ ohun tí áńtíbọ́dì náà dì mú. Bí gbogbo kókó bá tàn dọ́gba-dọ́gba bí òṣùpá àrànmọ́jú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé DNA àti ohun tó wé mọ́ ọn ni. Bí ó bá jẹ́ àmì kéékèèké lórí ilẹ̀ dúdú, bí ara ẹtù, alámì tótòtó nìyẹn, speckled tó wà nínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ ibi kan sí mẹ́ta péré láàárín kókó ló ń tàn, ìyẹn tún yàtọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àmì tó ṣeé kà, tó tó ogójì lé ní díẹ̀, tó wà káàkiri bí ẹni fọ́n àgbàdo, ó ń tọ́ka sí irú àìsàn tí awọ ara ti ń le gbandi. Àwọn onímọ̀ ti jókòó ní Sao Paulo ní 2014, wọ́n sì fún bátànì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kí láàbù gbogbo àgbáyé lè máa sọ èdè kan náà. AC-1 ni èyí tó dọ́gba, AC-4 ni tótòtó kékeré, AC-5 ni tótòtó ńlá.

Tótòtó kékeré, AC-4, ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn le, òun náà ló sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn Ṣógírẹ̀n, tí ojú àti ẹnu wọn máa ń gbẹ. Nítorí náà, bátànì yìí nìkan kò lè dájọ́. Ṣùgbọ́n bátànì kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó gba ìwé ANA mọ orúkọ rẹ̀: AC-2, tótòtó kékeré tó kún dẹ́dẹ́. Ní Bùràsíìlì, Luis Andrade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde ní 2011. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ èèyàn 918 tí ara wọn le, 12.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló tàn. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn 153 tó ní àìsàn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà, 90.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló tàn. Títàn nìkan kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bátànì AC-2, ara àwọn tí ara wọn le nìkan ni wọ́n ti rí i nínú ìwádìí yẹn. Tótòtó ńlá àti èyí tó dọ́gba, ara àwọn aláìsàn nìkan ni wọ́n ti rí wọn.

Áńtíbọ́dì tó ń fa AC-2 ń di purotéènì kan mú tí à ń pè ní DFS70. Wàhálà rẹ̀ ni pé lójú ẹni tí kò fara balẹ̀, ó jọ AC-1, èyí tó ń tọ́ka sí lúpọ́ọ̀sì. Ibí ni sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lọ́wọ́ ti ń ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, DNA rẹ̀ á kó ara jọ sí àárín bí ọ̀pá kan tó dùbúlẹ̀. Nínú AC-1, ọ̀pá náà á tàn dán bí ẹni fi ọwọ́ pa á, láìsí àmì kankan. Nínú AC-2, ọ̀pá náà á tàn, ṣùgbọ́n yóò ní àmì gbágun-gbàgun lára, kókó àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò pín náà á sì ní àmì tó ki díẹ̀ níhìn-ín, tó fẹ́lẹ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún. Nínú AC-4 àti AC-5, ọ̀pá náà á dúdú, kò ní tàn rárá. Ìṣẹ́jú kan ni ó gba láti wá ọ̀pá yìí lórí dígí. Bí wọn kò bá wá a, ẹni tí kò ní nǹkan kan lè gba ìwé tí wọ́n kọ «homogeneous», ìyẹn AC-1, sí, tó sì gbé ẹ̀rù ọdún mẹ́ta lọ sílé. Bí ẹ bá gba AC-1 tí ara yín sì le, ẹ bèèrè bóyá láàbù náà lè ṣe àyẹ̀wò anti-DFS70. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà, tí kò sí áńtíbọ́dì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣòro kí àìsàn yìí wà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò náà ní ibi tí ojú rẹ̀ kò dé. Àwọn láàbù kan kì í lo dígí rárá, ẹ̀rọ tó ń fúnni ní nọ́ńbà tàbí «ratio» ni wọ́n ń lò. Èsì tí kò ní táítà, tí kò sì ní bátànì kò ṣeé fi wé èyí tó ní wọn. Áńtíbọ́dì kan tí à ń pè ní anti-Ro náà lè sá fún HEp-2, nítorí ohun tó ń dì mú lè ṣàn dànù nígbà tí wọ́n ń pèsè dígí. Bí ojú ẹnì kan bá gbẹ, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí ANA rẹ̀ kò sì tàn, kí wọ́n ṣì bèèrè anti-Ro ní tààrà.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìwé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn fún ẹnì kan. Ká sọ pé obìnrin olùkọ́ ni, ọmọ ọdún 34, ó ń rẹ̀ ẹ́, orúnkún rẹ̀ ń ro ó bí ó bá ti dúró pẹ́ ní kíláàsì. ANA rẹ̀ jẹ́ 1:160, AC-4. Kí ló yẹ kí dókítà bi í? Ṣé oríkèé ìka rẹ̀ máa ń wú, ṣé ó máa ń le gbandi ní òwúrọ̀, fún ìṣẹ́jú mélòó? Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, orúnkún nìkan, kò sì wú. Ṣé egbò máa ń wà lókè ẹnu rẹ̀, èyí tí kì í dùn ún? Kò sí. Ṣé oòrùn máa ń mú kí ojú rẹ̀ yọ nǹkan? Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pé lára awọ dúdú, kì í pupa bí wọ́n ṣe ń fi í hàn nínú ìwé. Ó máa ń dúdú sí i ju awọ lọ ni, tàbí kó di ojú egbò tí àárín rẹ̀ funfun, tí etí rẹ̀ sì dúdú. Kò sí ìyẹn náà. Ṣé àyà máa ń gún un bí ó bá mí kanlẹ̀? Ṣé ìka rẹ̀ máa ń di funfun ní òtútù? Ṣé oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí? Rárá ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni àyẹ̀wò tí kò wọ́n: ìtọ̀ nínú ike láti wá purotéènì àti ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, kíkà sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò kíndìnrín, ìfúnpá. Tiwa yìí, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ kéré nítorí nǹkan oṣù rẹ̀ tó ń pọ̀ jù. Ìyẹn tó láti fa kó máa rẹ̀ ẹ́, ó sì ní ìtọ́jú. Bí wọ́n bá ṣe àwọn àyẹ̀wò kéékèèké abẹ́ ANA, ìyẹn anti-dsDNA, anti-Sm àti anti-Ro, lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo rẹ̀ kò sí, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 2019 láti fi to lúpọ́ọ̀sì sọ́nà gbà pé ANA 1:80 ni ilẹ̀kùn, ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ tún kó máàkì 10 jọ láti ara àwọn àmì. Obìnrin yìí wọlé, máàkì rẹ̀ jẹ́ òdo.

Ẹ gbé ìwé kan náà fún ẹlòmíràn: ìka ọwọ́ rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì, ó ń gbà tó wákàtí kan ní òwúrọ̀ kí ó tó lè di ṣíbí mú, egbò wà lókè ẹnu rẹ̀, purotéènì inú ìtọ̀ rẹ̀ sì ju ìdajì gíráàmù lọ ní ọjọ́ kan. Oríkèé fún un ní 6, ìtọ̀ fún un ní 4, egbò ẹnu fún un ní 2. Méjìlá nìyẹn. Kò gbọdọ̀ dúró de oṣù tó ń bọ̀. Dókítà oríkèé àti dókítà kíndìnrín ni ó yẹ kó rí láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí pé kíndìnrín kì í kígbe kó tó bàjẹ́. ANA tirẹ̀ náà jẹ́ 1:160, AC-4.

Ẹ̀rù tó kù fún obìnrin àkọ́kọ́ ni ti ọjọ́ iwájú, ó sì ní ìdí. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ wò, ti àwọn sójà 130 tó wá ní lúpọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọ̀rẹyìn. Nínú 88 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó kéré tán áńtíbọ́dì kan ti wà níbẹ̀ kí dókítà tó dá àìsàn náà mọ̀, àwọn kan fún ọdún tó lé ní mẹ́sàn-án. Òótọ́ ni, áńtíbọ́dì máa ń ṣáájú. Ṣùgbọ́n a ò lè yí i padà sẹ́yìn. Pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní lúpọ́ọ̀sì ti tàn tẹ́lẹ̀ kò sọ pé àwọn tó tàn yóò ní in. Àwọn 133 ojú ọjà yẹn ṣì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni yóò gbọ́ tí yóò sì tọ́ láìrí i. Ohun tó sì ń sọ fún wa bí àìsàn bá ń bọ̀ kì í ṣe ANA tí a tún ṣe. Ìka tó wú ni, ìtọ̀ tó ń hó ni, ojú tó bó nínú oòrùn ni. Ẹni kan ṣoṣo tí mo máa yà sọ́tọ̀ ni ẹni tí wọ́n bá rí anti-Ro lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ le. Bí ó bá lóyún, kó sọ fún dókítà ní kíá, torí pé áńtíbọ́dì yìí lè kọjá sínú ọmọ, nínú nǹkan bí oyún méjì nínú ọgọ́rùn-ún ó sì lè dí ọ̀nà tí ọkàn ọmọ ń gbà lù.

Fún olùkọ́ wa, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ANA 1:160, AC-4, oògùn kò sí nídìí rẹ̀, anti-dsDNA, anti-Sm àti anti-Ro kò sí, ìtọ̀ mọ́, àmì àìsàn kò sí, kí wọ́n má tún ANA ṣe àfi bí àmì tuntun bá yọ. Kó ya fọ́tò ìlà náà sórí fóònù rẹ̀, torí pé dókítà mìíràn ni yóò bá lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹn náà á sì fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀.